Ọ̀wọ́n ọjà dín kù, ṣùgbọ́n ọjà kò tíì rọ̀

1/9
Ìròyìn ń sọ pé ọ̀wọ́n ọjà ti dín kù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ná ọjà Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta mọ̀ pé gààrí kò padà sí iye tí à ń rà á ní ọdún 2022. Àwọn oníṣirò kò purọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ráhùn náà kò sì purọ́. Ẹ bá mi kà á dé òpin, kí ẹ rí bí ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe jẹ́ òótọ́.

2/9
Bí tòmátì bá wọ́n nítorí pé ọkọ̀ tó ń kó o bọ̀ láti Òkè Ọya kò tètè dé, ọ̀wọ́n tòmátì lásán nìyẹn. Ọ̀wọ́n ọjà tí mò ń sọ ni kí oúnjẹ, owó ọkọ̀, owó ilé àti oògùn jọ máa gbówó lórí lápapọ̀, tí iye owó kan náà kò sì ní lè ra ohun tó ń rà tẹ́lẹ̀.

3/9
NBS, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìṣirò, máa ń ṣàkọsílẹ̀ iye ọjà káàkiri Nàìjíríà lóṣooṣù, wọn a sì fi wé iye tí wọ́n jẹ́ ní oṣù kan náà lọ́dún tó ṣáájú.

4/9
Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ọ̀wọ́n ọjà jẹ́ ìdá 28.92 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ó di 34.80. Ẹ jẹ́ ká ṣe é ní owó: ọjà tí ẹ rà ní ₦10,000 ní ìparí ọdún 2022 di nǹkan bíi ₦12,892 lọ́dún kejì. Ìdá 34.80 tó tẹ̀ lé e kò wá orí ₦10,000 mọ́, orí ₦12,892 ló gùn, ọjà náà sì di nǹkan bíi ₦17,378. Bí ọ̀wọ́n bá wá já sí ìdá 15 lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọjà yẹn yóò sún mọ́ ₦20,000. Ẹ kíyè sí i pé iye ìdá já wálẹ̀ ju ìlàjì lọ, síbẹ̀ owó tí ẹ ó san tún lé sí i.

5/9
Bí awakọ̀ tó gbéra láti Abẹ́òkúta lọ sí Ìbàdàn bá dín eré kù, kò tíì ṣẹ́rí padà. Ó kàn ń rọra lọ ni. Eré ọkọ̀ ni NBS ń kéde fún wa, ibi tí ọkọ̀ dé ni àpò wa ń mọ̀.

6/9
Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ìdá tí NBS kéde já sí 24.48 lójijì. Ọjà kò rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù kan. NBS yí ọdún tí wọ́n ń fi ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò padà láti 2009 sí 2024, wọ́n sì dín ìpín tí oúnjẹ ń kó nínú ìṣirò kù. Àtúnṣe náà tọ́, ó tilẹ̀ ti pẹ́ jù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi 34.80 wé 24.48 tààrà ti da ọ̀rọ̀ rú.

7/9
Kí ló fa ọ̀wọ́n ọjà yìí? Ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ní oṣù Kẹfà wọ́n sì jẹ́ kí náírà wá iye ara rẹ̀ lọ́jà. Dọ́là tí ìjọba ń pè ní nǹkan bíi ₦460 kọjá ₦1,500 kí ọdún 2024 tó parí. Aládìrẹ Ìtòkú kò ra dọ́là rí, ṣùgbọ́n aṣọ funfun àti aró òyìnbó tó ń lò ti òkè òkun wá. Ìrẹsì Ọ̀fàdà kò bá ọkọ̀ ojú omi wá ní tirẹ̀, àmọ́ epo ni ọkọ̀ tó ń gbé e dé Lafẹ́nwá ń mu.

8/9
Owó tó pọ̀ jù nílùú náà wà lára ohun tó fà á. Gbèsè tí ìjọba àpapọ̀ ti jẹ báńkì àgbà tó tírílíọ̀nù 22.7 náírà nígbà tí àwọn aṣòfin fọwọ́ sí i ní ọdún 2023 pé kí wọ́n sọ ọ́ di gbèsè ọlọ́jọ́ pípẹ́. Bí owó bẹ́ẹ̀ bá wọ ìlú, tí ohun tí a ń pèsè kò sì pọ̀ sí i, ọjà yóò wọ́n. Ìdí nìyí tí báńkì àgbà fi gbé èlé rẹ̀ láti 18.75 ní oṣù Keje ọdún 2023 dé 27.50 ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, kí yíyá owó lè nira. Lójú tèmi, èlé kò lè tún ọ̀nà oko ṣe, kò sì lè mú epo dínwó.

9/9
Ìṣirò NBS jẹ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹ ṣe ti ilé yín. Ẹ mú ohun mẹ́wàá tí ẹ máa ń rà lóṣooṣù, ẹ kọ iye wọn nísinsìnyí àti iye wọn lọ́dún tó kọjá. Ẹ yọ ti àtijọ́ kúrò nínú ti ìsinsìnyí, ẹ fi ti àtijọ́ pín in, kí ẹ sì fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ ₦48,000 tẹ́lẹ̀ tó di ₦60,000, ìdá 25 nìyẹn. Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ yìí, pẹ̀lú orúkọ ọjà tí ẹ ń ná: Kútọ̀, Lafẹ́nwá, Ọmídà tàbí ibòmíràn.