Ara Gbóná, Ẹnu Korò: Ìbéèrè Keje àti Àlàyé Ìdáhùn Rẹ̀

Kíláàsì ìrọ̀lẹ́ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ìlera ìgbèríko, Ìbàdàn. Ẹ̀kọ́ ìrònú, ìwé ìdánrawò kẹta. Ìṣẹ́jú 12. Máàkì 10.

Ẹ ka àyọkà yìí lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó mú bírò. Gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ kí "nítorí náà" tó dé, ẹ gbà á pé òótọ́ ni.

Àyọkà

Ìyá Ṣadé tó ń ta ẹ̀kọ ní ọjà ti ń gbọ̀n láti òru. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó wọ́ ara rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì tó kọjú sí ìsọ̀ rẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án lọ́rùn, ó ní: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, màmá. Ẹni tí màláríà bá dá dùbúlẹ̀, ara rẹ̀ á gbóná, ẹnu rẹ̀ á sì korò. Ara yín rèé tó ń jó bí iná, ẹ sì sọ fún mi pé ẹnu yín korò. Nítorí náà, màláríà ló ń ṣe yín. Ẹ má wulẹ̀ fi owó àyẹ̀wò ṣòfò."

Apá kìíní (máàkì 2). Níbo gan-an ni ìrònú ọmọkùnrin yìí ti yẹsẹ̀?

A. Ọ̀kan nínú ohun tó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kì í ṣe òótọ́.
B. Ohun tó yẹ kó fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀ ló fi ṣe ẹ̀rí.
D. Nítorí pé ohun kan ṣẹlẹ̀ kí òmíràn tó ṣẹlẹ̀, ó ní èyí àkọ́kọ́ ló fa èyí ìkejì.
E. Àmì tí màláríà máa ń mú wá ló rí, ó wá ṣe bí ẹni pé màláríà nìkan ló lè mú àmì náà wá.
Ẹ. Ènìyàn kan ṣoṣo ló wò, ó wá fi sọ̀rọ̀ nípa gbogbo ènìyàn.

Apá kejì (máàkì 3). Èwo nínú ìwọ̀nyí ló ṣe irú àṣìṣe kan náà gẹ́lẹ́?

A. Ọkọ̀ tí epo bá tán nínú rẹ̀ kò ní sítáàtì. Epo ti tán nínú ọkọ̀ Bàbá Ṣọlá. Nítorí náà, kò ní sítáàtì.
B. Ọkọ̀ tí epo bá tán nínú rẹ̀ kò ní sítáàtì. Epo kò tíì tán nínú ọkọ̀ Bàbá Ṣọlá. Nítorí náà, á sítáàtì.
D. Ọkọ̀ tí epo bá tán nínú rẹ̀ kò ní sítáàtì. Ọkọ̀ Bàbá Ṣọlá kọ̀, kò sítáàtì. Nítorí náà, epo ti tán nínú rẹ̀.
E. Ọkọ̀ tí epo bá tán nínú rẹ̀ kò ní sítáàtì. Ọkọ̀ Bàbá Ṣọlá sítáàtì. Nítorí náà, epo kò tíì tán nínú rẹ̀.
Ẹ. Ẹni tí màláríà bá dá dùbúlẹ̀, kòkòrò rẹ̀ á wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni náà. Kò sí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ Ìyá Ṣadé. Nítorí náà, kì í ṣe màláríà ló dá a dùbúlẹ̀.

Apá kẹta (máàkì 5). Ẹ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo tí a lè fi kún ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin náà, tí ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀ á fi di ohun tí kò ṣeé jà níyàn. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ bóyá gbólóhùn yín jẹ́ òótọ́, kí ẹ sì sọ ìdí.

Ìdáhùn àti àlàyé

Apá kìíní: E.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín á mú A, torí ara á ti máa sọ fún yín pé nǹkan kan kò dára nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ó sì máa wá irọ́ kiri. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ara ẹni tí màláríà dá dùbúlẹ̀ máa ń gbóná lóòótọ́. Ara Ìyá Ṣadé gbóná lóòótọ́. Ohun tó jẹ́ kí irú ìrònú yìí léwu nìyẹn: kò sí ibi tí ènìyàn á ti di olùsọ̀rọ̀ mú pé "irọ́ lo pa níhìn-ín." Òótọ́ kìíní dúró láyè rẹ̀, òótọ́ kejì dúró láyè rẹ̀, àmọ́ afárá tó yẹ kó so wọ́n mọ́ ìparí ọ̀rọ̀ ni kò sí.

Ẹ fi P dípò màláríà, ẹ fi K dípò ara gbígbóná àti ẹnu kíkorò, ẹ wo egungun ọ̀rọ̀ náà lásán:

Bí P bá wà, K á wà. K wà. Nítorí náà, P wà.

Gbólóhùn àkọ́kọ́ ṣèlérí fún wa láti ọ̀dọ̀ P lọ sí ọ̀dọ̀ K. Kò ṣèlérí kankan fún wa ní àbọ̀. Àwọn bàbá wa ti rí i tipẹ́, wọ́n ní gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ẹni tí inú ń run á da ikùn délẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Alángbá yìí náà da ikùn délẹ̀. Ṣé a wá lè sọ pé inú ń run ún? Bí ẹ bá ti lóye òwe yìí, ẹ ti lóye ìbéèrè keje. Mi ò mọ àlàyé kankan nínú ìwé tó yè kooro jù ú lọ.

Àṣìṣe náà ti pẹ́ láyé. Árísítótù, ará Gíríìsì, kọ nípa rẹ̀ ní ohun tó ju ọdún 2,300 lọ sẹ́yìn, àpẹẹrẹ tó sì mú ni ilẹ̀ tó tutù tí àwọn ènìyàn á fi sọ pé òjò rọ̀, àti ara tó gbóná tí wọ́n á fi sọ pé ibà ló ń ṣe ẹni náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ibà ti ń ṣi ènìyàn lọ́nà láyé ìgbà yẹn náà ló ti ń ṣì wá lọ́nà títí dòní.

Ní èdè tiwa, ó tún yọ̀ ju ti Gíríìkì lọ. "Ibà" là ń pe ara gbígbóná, "ibà" náà là ń pe àìsàn tí ẹ̀fọn ń kó ran ènìyàn. Bí ọmọkùnrin yẹn bá sọ pé "Ara yín gbóná, ibà ni," etí wa ò ní gbọ́ ìgbésẹ̀ kankan níbẹ̀, á dà bí ìgbà tó sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí tí mo fi kọ màláríà sínú àyọkà nìyẹn, kí ìgbésẹ̀ náà lè hàn lójú. Mo sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ "bá dá dùbúlẹ̀," nítorí àwọn àgbàlagbà wà nílẹ̀ wa tí kòkòrò náà wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn tí ara wọn ò sì gbóná.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe yí síbi kejì o. Mi ò sọ pé kì í ṣe màláríà ló ń ṣe Ìyá Ṣadé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun. Ìrònú tó yẹsẹ̀ lè bá òótọ́ pàdé lójú ọ̀nà, bí ẹni tó ju òkúta sínú òkùnkùn tó sì bá ẹran. Ohun tí mo ń sọ ni pé ohun tí ọmọkùnrin náà ní lọ́wọ́ kò tó láti fi sọ "màláríà ni," ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti "ẹ má fi owó àyẹ̀wò ṣòfò." Kó fura sí màláríà, ó tọ́. Kó ti ìlẹ̀kùn mọ́ gbogbo ohun tó kù, kò tọ́.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ìlẹ̀kùn títì yìí lè fà. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, ọkùnrin kan tó ti Làìbéríà bọ̀ dé sí Èkó pẹ̀lú àìsàn. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ọbáléndé. Ó sọ fún wọn pé màláríà ló ń ṣe òun, ó sì sẹ́ pé òun ò fara kan ẹni tó ní Ẹ́bólà. Màláríà kì í ràn nípa fífara kan aláìsàn, torí náà àwọn òṣìṣẹ́ tó kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ kò dáàbò bo ara wọn. Dókítà Ameyo Adadevoh ló wò ó tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀, tó ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún Ẹ́bólà, tí kò sì jẹ́ kó jáde bí wọ́n ti ń yọ ọ́ lẹ́nu tó. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn kú. Dókítà Adadevoh wà lára wọn. Ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ ló papò dà. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ẹ́bólà ti kúrò nílẹ̀ wa. Ara gbígbóná, èébì, àárẹ̀: màláríà ń mú wọn wá, Ẹ́bólà náà ń mú wọn wá. Obìnrin yẹn bi ara rẹ̀ pé "kí ló tún lè mú èyí wá?" nígbà tí ìdáhùn tó rọrùn ti wà nílẹ̀ fún un.

Èmi náà ní tèmi. Àbúrò mi obìnrin gba abẹ́rẹ́ màláríà lẹ́ẹ̀mẹta ní ilé ìwòsàn kan kí ẹnikẹ́ni tó ní kó tọ̀ sínú ìgò. Inú ìtọ̀ ni àrùn rẹ̀ wà. Mo ṣì ń ránti bó ṣe ń di ẹ̀gbẹ́ mú tó ń ké.

Apá kejì: D.

A àti E dára, kò sí àlébù lára wọn. Àṣìṣe ni B náà, àmọ́ kì í ṣe irú tiwa: òun sọ pé P ò sí, ó wá ní K ò ní sí. Bátìrì ọkọ̀ lè ti kú tí epo sì kún inú táńkì. Ìbátan ni B àti D, ẹ má kà wọ́n sí ẹnì kan náà. Ẹni tó bá mú B, ẹ fún un ní máàkì 1.

Ẹ ni pańpẹ́. Ó dárúkọ màláríà, ó dárúkọ Ìyá Ṣadé, ojú á sì tètè kó síbẹ̀. Àmọ́ ìrònú rẹ̀ gún régé: K ò sí, torí náà P ò sí. Ohun tí àyẹ̀wò ń ṣe fún wa gan-an nìyẹn. Ẹ ti rí pẹlẹbẹ àyẹ̀wò kékeré yẹn rí: a ó gún orí ìka, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ á kán sójú ihò, a ó kán omi rẹ̀ sí i, a ó sì dúró fún iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára páálí. Ìlà kan níwájú C, ìlà kan níwájú T, kòkòrò wà. Ìlà níwájú C nìkan, wọn ò rí kòkòrò. Bí kò bá sí ìlà níwájú C, pẹlẹbẹ náà ti bàjẹ́, ẹ mú òmíràn. Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó fún ẹnikẹ́ni tí a fura sí ní oògùn màláríà.

Apá kẹta. Gbólóhùn tí mo ń retí rèé, tàbí ohun tó jọ ọ́: "Kò sí ohun tó ń mú kí ara gbóná kí ẹnu sì korò àyàfi màláríà." Máàkì 3. Bí a bá fi èyí kún un, ìparí ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin náà á dúró bí òpó. Àmọ́ irọ́ ni gbólóhùn náà, máàkì 2 sì wà fún ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ tó sì dárúkọ àrùn mìíràn kan ó kéré tán: jẹ̀funjẹ̀fun, àrùn inú ìtọ̀, tàbí ibà Lásà tí eku ń kó ran ènìyàn, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ọdún 1969, tí wọ́n sì fi orúkọ ìlú Lásà ní ìpínlẹ̀ Bọ̀nọ́ pè, tó sì ń bá ìpínlẹ̀ Oǹdó jà títí di ìsinsìnyí.

Ẹni tó bá kọ "Ara gbogbo ẹni tí màláríà dá dùbúlẹ̀ ló ń gbóná," òdo. Ohun tó ti wà nínú àyọkà tẹ́lẹ̀ ló tún sọ. Ẹni tó bá kọ "Ọ̀pọ̀ ẹni tí ara wọn gbóná ni màláríà ń ṣe," ẹ fún un ní 1 nínú 3 ti gbólóhùn, kí ẹ sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: "Ọ̀pọ̀ kì í ṣe gbogbo. Ìyá Ṣadé lè wà lára àwọn tó kù."