Àkójá ìdánilẹ́kọ̀ọ́: bí oògùn ṣe ń pa bakitéríà, àti ìdí tí oògùn kì í fi í pa á mọ́ nígbà mìíràn

Pẹnisílíìnì kì í jẹ́ kí bakitéríà mọ ògiri ara rẹ̀ dáadáa. Omi á ya wọ inú rẹ̀, á sì bẹ́. Ara èèyàn kò ní irú ògiri yìí. Oògùn mìíràn, jẹntamáísìnì, ń da iṣẹ́ ráíbósóòmù rú, ìyẹn ibi tí bakitéríà ti ń ṣe purotéènì.

Ibi tó gba àròjinlẹ̀ nìyí: kì í ṣe ara aláìsàn ló mọ́ oògùn lára, bakitéríà gan-an ló yí padà. Àṣìṣe inú àbùdá lè dáàbò bo ọ̀kan. Oògùn á pa àwọn yòókù, onítọ̀hún á ráyè bí sí i. Àwọn bakitéríà mìíràn ń ṣe bẹ́tà-láktamésì, èròjà kan tó ń ba pẹnisílíìnì jẹ́, wọ́n sì lè fi pílásímíìdì, ìyẹn òrùka DNA kékeré inú wọn, pín àbùdá tó ń ṣe èròjà yẹn fún bakitéríà mìíràn.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ gba ẹ̀jẹ̀ láti fi wá bakitéríà, ẹ gbà á kí ẹ tó fún aláìsàn ní oògùn àkọ́kọ́, torí oògùn lè pa bakitéríà tí ẹ ń wá.