Àbá Fídíò Ìṣẹ́jú Kan: Ojú Lalákàn Fi Ń Ṣọ́rí

Ibi tí a ó ti yà á: Ọjà Ọba, Àkúrẹ́
Gígùn: àáyá 60, fóònù ní òòró (9:16)
Àwọn tó wà nínú rẹ̀: Ìyá Elépo, Ìyá Alákàn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọlọ́kadà

Àwọn ìyá ọlọ́jà tó ń gba tiransífà là ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí owó bébà wọ́n bí ojú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́kọ́ kọ nọ́ńbà àkáǹtì mọ́ ara ìsọ̀. Owó bébà padà dé, tiransífà ò lọ mọ́, àwọn oníjìbìtì sì tẹ̀lé e wọ ọjà. Wọ́n lè ya àwòrán ojú fóònù kí wọ́n sì yí iye owó inú rẹ̀ padà. Wọ́n tún lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ tó gbé orúkọ báǹkì ránṣẹ́ sórí fóònù ọlọ́jà fúnra rẹ̀, nítorí náà áléètì nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Bálánsì ni ẹ̀rí: kí èèyàn ṣí áàpù báǹkì rẹ̀, tàbí kó tẹ kóòdù báǹkì náà, kó wò ó bóyá owó lé lóòótọ́.

Bí wọ́n bá pa òwe yìí, "ẹ ṣọ́ra" ni wọ́n sábà máa ń parí rẹ̀ sí. Ìyẹn ò tó wa. Ojú alákàn yọ sókè lórí ọ̀pá tín-ín-rín méjì, ó ń rí ọ̀tún rí òsì láìyí ara. Ojú ara rẹ̀ ló sì ń lò. Ọlọ́jà tó bá wo fóònù oníbàárà kó tó gbé ọjà fún un, ojú ẹlòmíràn ló fi ń ṣọ́rí. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo fídíò náà dúró lé.

Àáyá 0 sí 8. Kò sí ìkíni, kò sí gángan. Alákàn nínú abọ́, ojú rẹ̀ méjèèjì ń yọ sókè. A ń gbọ́ Ìyá Alákàn tó ń polówó: "Alákàn Igbókòdà rèé o! Ó ṣì ń rìn!"

Àáyá 8 sí 25. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ bùbá àti ṣòkòtò tó mọ́ tónítóní dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. (Ẹ má fún un ní ìrísí jàǹdùkú, ọmọlúàbí ni oníjìbìtì máa ń jọ.)
"Ẹ kú ọjà, Mà. Ẹ bá mi gbé kẹ́ẹ̀gì epo kan."
"₦48,000 ni, ọmọ mi."
Ó tẹ fóònù, ó nà án sí i: "Ó ti wọlé, Mà. Ẹ wò ó." Lẹ́yìn rẹ̀, ọlọ́kadà ń fọn fèrè. Fèrè yẹn ṣe pàtàkì, ìkánjú ni ohun èlò iṣẹ́ wọn.

Àáyá 25 sí 36. Ọwọ́ Ìyá Elépo ti wà lára kẹ́ẹ̀gì. Ìyá Alákàn ò gbójú sókè, alákàn ló ń dì: "Ìyá Elépo, ojú lalákàn…"
Ó dákẹ́ síbẹ̀. Kí àwòrán dúró fún àáyá méjì gbáko, kí ẹni tó ń wò parí òwe náà lẹ́nu ara rẹ̀. Báa ti ń pa á láàárín ara wa náà nìyẹn. Ìdajì tó ẹni tó gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má kọ ìdajì kejì sójú àwòrán.

Àáyá 36 sí 55. Ìyá Elépo fa fóònù yọ lábẹ́ ìró, ó wò ó. "Kò tíì dé o, ọmọ mi."
"Nẹ́tíwọ̀kì ni, Mà."
"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Jókòó. Bó bá dé, wàá gbé epo rẹ."
Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní òun ń bọ̀, ó gun ọ̀kadà, ó lọ.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á fẹ́ ká pariwo olè, ká lé e kiri ọjà. Mi ò fara mọ́ ọn. Nẹ́tíwọ̀kì a máa dá owó oníbàárà tòótọ́ náà dúró, a ò sì gbọ́dọ̀ kọ́ ẹnikẹ́ni láti lu èèyàn nítorí áléètì tó pẹ́. Ìjókòó tí Ìyá Elépo fi lọ̀ ọ́ ò bu ẹnikẹ́ni kù, kò sì jẹ́ kí epo lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Àáyá 55 sí 60. Ojú alákàn lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí: "Bálánsì tiyín ni kí ẹ wò, kì í ṣe fóònù oníbàárà."

Kí gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu wọn hàn lójú àwòrán pẹ̀lú àmì ohùn, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ń wo fídíò láìtan ohùn sílẹ̀. Bálánsì tó bá hàn gbọ́dọ̀ jẹ́ àfọwọ́ṣe, kò gbọdọ̀ ní orúkọ báǹkì kankan. Ká gba àṣẹ lọ́wọ́ Ìyálọ́jà ṣáájú, ká sì débẹ̀ ní aago méje àárọ̀, kí ọjà tó kún. Alákàn tí a bá lò, a ó san owó rẹ̀.