Fáìlì Bàbá Làmídì

Ràṣídà ti lo oṣù mọ́kànlá ní yàrá owó-oṣù káńsù kí wọ́n tó gbé ìwé owó ìfẹ̀yìntì lé e lọ́wọ́ pé kí ó fi wé ìwé owó-oṣù. Ìpele kẹrin ni ó wà, òun ni ó sì kéré jù nínú àwa márùn-ún tí a jọ wà nínú yàrá náà, nítorí náà, iṣẹ́ yòówù tí kíkà rẹ̀ bá ti gùn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ń já sí. Kò fi ìgbà kankan ráhùn. Ó fẹ́ràn kí òǹkà bára mu, bí àwọn mìíràn ṣe fẹ́ràn kí ilé wọn mọ́.

Òṣìṣẹ́ 612 ni ó wà nínú ìwé owó-oṣù ti oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2025. Nínú ìwé owó ìfẹ̀yìntì, òṣìṣẹ́ 601 péré ni ó wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin kò fi èyí sílẹ̀ fún ìfẹ́ inú ẹnikẹ́ni: ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ni a ń yọ lára owó òṣìṣẹ́, ìjọba tí ó gbà á síṣẹ́ yóò sì fi ìdá mẹ́wàá tirẹ̀ kún un. Ó mú rúlà onígi rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sí abẹ́ orúkọ àkọ́kọ́, ó sì ń fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí ó fi rí àwọn mọ́kànlá náà. Mẹ́rin nínú wọn jẹ́ ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, tí nọ́ńbà ìfẹ̀yìntì wọn kò tíì jáde. Méje ni ó kù.

Àwọn méje yìí ni ó jókòó tì di ìrọ̀lẹ́. Ìpele kẹrin ni gbogbo wọn wà, bíi tirẹ̀, ṣùgbọ́n náírà 98,450 ni ó ń dé ọwọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, nígbà tí tirẹ̀ jẹ́ 91,200. Ó yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì: 7,250. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ohun tí owó yẹn jẹ́ fún un, nítorí inú ìwé owó tirẹ̀ ni ó ti máa ń rí i lóṣooṣù: 6,400 fún owó ìfẹ̀yìntì, 850 fún owó ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Àwọn èèyàn méje yìí kò ṣe ẹgbẹ́, wọn kò sì ní í fẹ̀yìn tì. Ó wá wo ìlà àkáǹtì. Nọ́ńbà oní-díjíìtì mẹ́wàá tí ó wà níwájú mẹ́rin nínú wọn jẹ́ ọ̀kan náà láti orí dé ìdí, ti àwọn mẹ́ta yòókù náà sì jẹ́ ọ̀kan náà. Orúkọ méje, àkáǹtì méjì.

Orúkọ karùn-ún nínú wọn ni ti Bàbá Làmídì.

Ó gbé rúlà kúrò, ó tún un gbé síbẹ̀. Orúkọ náà kò yí padà. Bàbá Làmídì, òjíṣẹ́ tí ó ń gbé fáìlì láti yàrá owó-oṣù lọ sí ọ́fíìsì akápò, kú ní oṣù Òkúdù ọdún náà. Gbogbo wa ni a dáwó sínkú rẹ̀, Ràṣídà sì wà níbi fìdáù ọjọ́ kẹjọ ní Mushin, ó bá wọn pín ẹ̀wà àti búrẹ́dì. Bàbá náà ni ó kọ́ ọ ní iṣẹ́ ọ́fíìsì jù, ju àwọn ọ̀gá lọ. Bí òjò bá ń rọ̀, inú ọ̀rá ni ó ń di fáìlì sí kí ó tó ki í bọ abẹ́ apá, kì í sì í fi bébà kankan sílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tí ó gbà á fọwọ́ sí ìwé ìfiránṣẹ́ aláwọ̀ pupa tí ó ń mú kiri. Ó máa ń sọ fún un pé, “Ọmọ mi, bébà tí ẹnìkan kò fọwọ́ sí pé òun gbà, kò tíì débì kankan.”

Ràṣídà ṣí ìwé oṣù Èbìbí tí bàbá náà ṣì wà láyé. Wọ́n yọ owó ìfẹ̀yìntì, wọ́n yọ owó ẹgbẹ́, àkáǹtì tirẹ̀ gan-an sì ni owó náà wọ̀. Ó ṣí ti oṣù Agẹmọ, oṣù tí ó tẹ̀lé ikú rẹ̀: àkáǹtì ti yí padà, yíyọ sì ti dúró. Ìdí rẹ̀ yé e lójú ẹsẹ̀. Bí owó bá wọ àkáǹtì òkú, báńkì yóò fi iṣẹ́ jẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Bí owó ìfẹ̀yìntì bá wọlé, ilé-iṣẹ́ tí ó ń tọ́jú rẹ̀ náà yóò fi iṣẹ́ jẹ́. Ìyàwó Bàbá Làmídì ni fóònù náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ṣe é mọ ohun tí ó ń ṣe dáadáa.

Ìyá Sẹ́kí ni obìnrin náà. Ó ń ta ata ní Ọ̀yìngbò. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ méjì-méjì, ó máa ń wá sí káńsù láti béèrè ẹ̀tọ́ ọkọ rẹ̀, èsì kan náà ni wọ́n sì máa ń fún un: ẹ ní sùúrù, fáìlì kò tíì jáde. Títí di ọjọ́ yẹn, Ràṣídà rò pé ìlọ́ra iṣẹ́ ìjọba lásán ni. Nísinsìnyí ó rí i pé fáìlì náà kò lè jáde láé, nítorí ní ọjọ́ tí ẹnìkan bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé Làmídì kú, ní ọjọ́ náà ni orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò nínú ìwé owó-oṣù. Àwọn kan ń jẹun lórí pé kò kú, opó rẹ̀ sì ń wọkọ̀ wá béèrè ohun tí kò ní í rí gbà. Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé ayédèrú òṣìṣẹ́ kò pa ẹnikẹ́ni lára, pé owó ìjọba ni, ìjọba kò sì mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tí ó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì rí bí obìnrin yẹn ṣe máa ń fi etí ìró nu àga kí ó tó jókòó, kí ata ọwọ́ rẹ̀ má baà kan án.

Ràṣídà lọ bá ọ̀gá yàrá wa lówurọ̀ ọjọ́ kejì. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì fi ìlà kan ṣoṣo hàn án, ti Bàbá Làmídì.

“Àṣìṣe ni,” ni ọ̀gá wí, láìgbé ojú sókè. “A kò tíì yọ orúkọ rẹ̀ ni. Owó náà yóò padà sí àpò ìjọba. Fi sílẹ̀.”

“Ẹ ṣeun, sà. Ṣùgbọ́n wọ́n yí nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ padà ní Agẹmọ, sà.”

Ìgbà náà ni ó tó wò ó. “Ta ni ó ní kí o ṣí ìwé Agẹmọ?”

Kò dáhùn. Ó gba ìwé rẹ̀, ó sì jáde. Ní ọ̀sán, Màmá Kúnlé, tí ó ti lo ọdún mẹ́rìndínlógún nínú yàrá yẹn, fà á sí ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù fáìlì. Màmá náà kì í ṣe èèyàn burúkú, mo sì gbà pé àánú ọmọ náà ni ó ṣe é. Ó ní òun rí i tipẹ́. Ó ní ọmọkùnrin kan rí irú rẹ̀ rí, kò sì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí wọ́n fi gbé e lọ sí ibi tí yóò ti máa ka àga tí ó kán. “Ìyá rẹ ń bẹ lọ́rùn rẹ, àbúrò rẹ ń bẹ nílé-ìwé. Pa ẹnu mọ́, ọmọ mi.”

“Màmá, ṣé ẹ bá wa lọ síbi fìdáù yẹn?”

“Mo lọ.”

“Àwa méjèèjì ni a jọ rí sàréè, màmá.”

Màmá Kúnlé kò tún sọ̀rọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nínú ọkọ̀ ojú irin tí ó ń gbé e láti Ọ̀yìngbò lọ sí Agége, Ràṣídà dúró láàárín èrò, ó ń ṣírò lórí. 98,450 lọ́nà méje jẹ́ 689,150 lóṣù. Fún oṣù mẹ́rin tí ó rí ìwé wọn, 2,756,600. Kò fi kọ́bọ̀ kan kún un, nítorí kò fẹ́ sọ ohun tí kò rí. Nígbà tí ó délé, ó fi ọwọ́ kọ ọ́ sí ojú-ewé kan àti ààbọ̀: orúkọ méje, nọ́ńbà àkáǹtì méjì, oṣù mẹ́rin, ìyàtọ̀ 7,250 àti ohun tí ó dá a sílẹ̀. Kò pe ẹnikẹ́ni ní olè. Ó kọ pé, “Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó san ti oṣù Bélú,” nítorí ó mọ̀ pé ìwé owó-oṣù kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ akápò láìjẹ́ pé ọ́dítọ̀ káńsù ti buwọ́ lù ú. Ibẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà wà.

Ọ́dítọ̀ náà jẹ́ àgbàlagbà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi í sínú dúrọ́ọ̀.

“Mo ti gbọ́. Máa lọ.”

Ràṣídà dúró síbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ fún mi. Ó nawọ́ ẹ̀dà kejì sí i pẹ̀lú ìwé ìfiránṣẹ́ aláwọ̀ pupa, èyí tí kò sí ẹni tí ó fẹ́ mú láti ìgbà tí ẹni tí ó ni ín ti kú. “Ẹ má bínú, sà. Ẹ bá mi fọwọ́ sí i pé ẹ gbà á.”

Ọkùnrin náà wo ìwé pupa yẹn pẹ́. Bóyá ó rántí ẹni tí ó máa ń gbé e wọlé. Ó gbé bírò, ó buwọ́ lù ú, ó kọ déètì àti aago, lẹ́yìn náà ó tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ẹ̀dà náà.

Ọjọ́bọ̀ tí ó tẹ̀lé e ni ọjọ́ Ìyá Sẹ́kí. Ìwé owó-oṣù ṣì wà lọ́dọ̀ ọ́dítọ̀, ọ̀gá wa kò bá Ràṣídà sọ̀rọ̀ mọ́, kò sì sí ẹni tí ó mọ ohun tí ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ yóò mú wá. Obìnrin náà nu àga, ó jókòó.

“Ọmọ mi, ṣé fáìlì ti jáde?”

“Kò tíì jáde, mà. Ṣé ìwé ẹ̀rí ikú bàbá wà lọ́wọ́ yín?”

“Kò sí ọjọ́ tí n kì í mú un wá. Kò sẹ́ni tó gbà á rí.”

Ràṣídà ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ó mú ìyá náà lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń gba lẹ́tà, ó sì dúró tì í títí akọ̀wé ibẹ̀ fi kọ ọ́ sínú ìwé ńlá: orúkọ òkú, ọjọ́ tí ó kú, ọjọ́ tí káńsù gba ìwé rẹ̀. Ó da nọ́ńbà ìlà náà kọ sórí bébà kékeré, ó sì fi lé ìyá náà lọ́wọ́.

“Bí wọ́n bá tún sọ pé àwọn kò rí i, mà, nọ́ńbà yìí ni kí ẹ sọ fún wọn.”

Ìyá Sẹ́kí kò mọ̀wé. Ó ní kí ó ka nọ́ńbà náà fún òun, ó ní kí ó tún un kà, ó kà á tẹ̀lé e títí ó fi mọ́ ọn lẹ́nu, lẹ́yìn náà ó ká bébà náà kékeré, ó sì so ó mọ́ etí ìró rẹ̀.