Ife Ọṣẹ Kan Ààbọ̀

Òwúrọ̀ Sátidé ni, ní Bódìjà n'Ìbàdàn. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Màmá Dàmọ́lá wà lẹ́yìnkùlé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Dàmọ́lá, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ní kóun ti fọ yunifọ́ọ̀mù òun kí màmá tó wọlé.

Ọṣẹ oníyẹ̀fun ti ẹ̀rọ ìfọṣọ ti tán. "Ṣebí ọṣẹ náà lọṣẹ," ló wí, ó bá gbé gálọ́ọ̀nù ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ abọ́. Ó da ife kan sójú ibi tí ọṣẹ ń gbà wọlé. Kò tó lójú ẹ̀, ó tún da ìdajì ife lé e. Bẹ́ẹ̀ ṣíbí ìjẹun méjì péré ni màmá ẹ̀ máa ń bù nínú ti ẹ̀rọ.

Ó kọ́kọ́ dà bíi pé kò sí nǹkan. Aṣọ ń gòkè, ó ń já lu omi, ó tún ń gòkè. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà: gbogbo ìgbà tí aṣọ bá já, afẹ́fẹ́ ló ń gbá mọ́ ọṣẹ. Wọ́n ti ṣe ọṣẹ ẹ̀rọ kó má hó púpọ̀. Ọṣẹ abọ́ ní tiẹ̀, kó sáà ti máa hó ni. Gíláàsì ẹ̀rọ funfun báláú. Ìfófó yọ lókè, ó ń ṣàn wálẹ̀ bí ẹ̀kọ tó ru bo ìkòkò, ó gba abẹ́ sítóòfù, ó gbé sílípáàsì ẹsẹ̀ kan lọ.

Dàmọ́lá da omi díẹ̀ lé e. Ló bá tún wú sí i.

"Màámi! Ẹ gbà mí o!"

Ẹnu ọ̀nà ni màmá ti dúró. "Má rìn! Ilẹ̀ ń yọ̀." Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró títí tó fi gbẹ, ó pa súìṣì ara ògiri kó tó sún mọ́ ẹ̀rọ. Kò ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀. Omi inú ẹ̀ ì bá dà sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n bu omi sí i, mà."

"Èyí tó o dà lẹ́ẹ̀kan, kí ló ṣe?"

Dàmọ́lá panu mọ́.

Iyọ̀ ni màmá bù, ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta, ó fọ́n ọn ká. Ìfófó náà bẹ̀rẹ̀ sí í lu ihò, ó ń dún ṣììì, ó ń wọlẹ̀. Dàmọ́lá fi ìkólẹ̀ kó èyí tó kù sínú garawa, ó fi àkísà nu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìgbà tílẹ̀ gbẹ ni wọ́n tó tan ẹ̀rọ padà. Màmá kọ́kọ́ jẹ́ kó da omi inú ẹ̀ nù, ó da ìdajì ife fínígà sí i, ó fi omi tútù ṣan án láìfi ọṣẹ. Lákọ̀ọ́kọ́, ìfófó dé àárín gíláàsì. Lẹ́ẹ̀kejì, kò ju ìbú ìka kan lọ.

"Ó ku ẹ̀ẹ̀kan," ni màmá wí. Ni NẸ́PÀ bá mú iná lọ. Wọ́n fún ẹ̀wù náà, wọ́n sá a bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, òjò ká Dàmọ́lá mọ́ ojú ọ̀nà ilé-ìwé. Nígbà tó máa fi dé géètì, kọ́là ẹ̀wù ẹ̀ ti ń hó.