Lẹ́tà sí Bàbá Mọ́rẹ́nikẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gba ọmọ lóru

Òkè-Báálẹ̀, Òṣogbo
Òru Ọjọ́rú mọ́jú Ọjọ́bọ̀

Olówó orí mi, Bàbá Mọ́rẹ́nikẹ́,

Aago 3:20 òru ni mo bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí ọmọ yóò jí nìyí láti ìgbà tí a ti wọlé sùn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn padà sí àyà mi, ọwọ́ òsì ni mo fi gbá a mú, ẹ má wo bí ìwé mi ṣe rí. Láti ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti fẹ́ sọ ọ́ lẹ́nu, àmọ́ bí mo bá ti lanu báyìí, ẹkún ni.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ lánàá tí mi ò sọ fún yín. Lẹ́yìn tí ẹ ti lọ síbi iṣẹ́, mo gbé omi ìwẹ̀ ọmọ ka iná gáàsì, mo ní kí n jókòó fún un lọ́mú díẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí oorun gbé mi lọ. Òórùn ìkòkò tó ń jóná ló jí mi. Omi ti gbẹ, ìdí ìkòkò ti dúdú. Ọmọ ti yọ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ mi, ó há sáàárín èmi àti apá àga, ó dojú kọ tìmùtìmù. Kò sí ohun tó ṣe é, ẹ má jáyà. Mo fà á yọ, ó la ojú, ó ń wò mí. Èmi ni mo bú sẹ́kún. Ojú tì mí láti sọ fún yín nígbà tí ẹ dé, àmọ́ ẹ̀rù yẹn kò tíì kúrò lára mi.

Ọmọ ọ̀sẹ̀ 5 ni. Inú rẹ̀ kéré, kò lè gba ohun tí yóò gbé e di àárọ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì sọ, pé ìgbà 8 sí 12 ni ọmọ tuntun ń mu ọmú láàárín ọ̀sán àti òru. Kó tó mu tán, kó tó gùnfẹ̀ léjìká mi, kí n tó pààrọ̀ páńpásì, kí n tó rẹ̀ ẹ́ sùn, wákàtí kan ti lọ. Nígbà tí ìyá mi wà níbí, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n á fi ọ̀já dè é mọ́ ẹ̀yìn, èmi á sùn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti padà sí Ìkirè, èmi nìkan ni.

Mo gbọ́ ohun tí Màmá wa ní Ìkìrun sọ, pé ọkùnrin kì í dìde sí ọmọ lóru. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń bímọ, agbo ilé kún. Ìyálé ń bẹ, ìyàwó ilé ń bẹ, àwọn ìyá àgbà kì í sùn púpọ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ẹkún ọmọ ló ń gbé e. Nínú yàrá méjì àti pálọ̀ tiwa yìí, èmi àti ẹ̀yin náà ni agbo ilé.

Mo mọ̀ pé ó rẹ ẹ̀yin náà. Ẹ ń kọ́ni títí di ọ̀sán, ẹ tún ń lọ kọ́ àwọn ọmọ nílé wọn nírọ̀lẹ́ nítorí gbèsè ìkómọ. Mo rí i, mo sì ń ṣàdúrà fún yín lórí rẹ̀. Wákàtí 4 oorun tí ẹnikẹ́ni kò ní já ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Tí mo bá fún un lọ́mú ní aago 9 alẹ́, ẹ gbà á, kí ẹ wà pẹ̀lú rẹ̀ ní pálọ̀ títí di aago 1, kí èmi ti ilẹ̀kùn yàrá. Màá ti fún omi ọmú sínú ife kékeré tó ní ọmọrí. Bó bá jí ní aago 11, ẹ fi ife náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ má gbé e ka gáàsì, kí ẹ fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀, kó jókòó díẹ̀ lọ́wọ́ yín. Bí iná bá tilẹ̀ lọ, kò lè bàjẹ́ láàárín wákàtí méjì yẹn. Ẹ má fi omi tàbí àgbo kún un, oṣù 6 ni wọ́n ní kó fi mu ọmú nìkan. Láti aago 1 di àárọ̀, tèmi ni, kí ẹ lè sùn kí ẹ tó lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé tí iṣẹ́ kò sí, ẹ bá mi gbà á láti ìdájí.

Ẹ má sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n ṣe. Lálẹ́ ọjọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ, tí gbogbo àlejò ti lọ, tó ń ké tí èmi àti ìyá mi rẹ̀ ẹ́ tì, ẹ̀yin lẹ gbé e lé àyà, tí ẹ ń ki í ní Àkànkẹ́ lóhùn jẹ́jẹ́. Kò pẹ́ tó fi sùn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò yín. Ó mọ ohùn yín.

Wọ́n ti ń pe ìrun àsùbáà ní mọ́ṣáláṣí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbé bírò sílẹ̀ kí n tó dé ibí. Abẹ́ fóònù yín ni màá fi ìwé yìí sí. Mo ti fọ ife àti ṣíbí náà, mo sì ti fi omi gbígbóná ṣàn wọ́n. Tí ẹ bá gbà, ẹ má ṣèyọnu èsì, ẹ ṣáà na ọwọ́ gba ọmọ lọ́wọ́ mi ní aago 9 alẹ́ òní.

Èmi ni ìyàwó yín,
Ìyá Mọ́rẹ́nikẹ́