Amọ̀ Dàda

Ọjọ́ Ẹtì ni Mọ́ríámọ̀ gbọ́dọ̀ fún àwọn méjèèjì lésì. Ọjọ́rú ti lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, kò tíì mọ èyí tóun máa mú.

Ti England ló kọ́kọ́ dé. Chevening, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba ibẹ̀ ń fúnni: ọdún kan ní Leeds, ìmọ̀ omi àti àyíká. Wọ́n á sanwó ilé-ìwé, wọ́n á sanwó bàálù àlọ àtàbọ̀, wọ́n á tún máa fún un lówó tó máa ná lóṣooṣù. Tó bá parí, dandan ni kó padà wálé, kó sì lo ọdún méjì ó kéré tán. Ibi tí ìyá rẹ̀ gbọ́ ìyẹn dé ló ti gbé ọwọ́ adúà sókè. "Ọlọ́run ló fi àdéhùn yẹn síbẹ̀. Ọmọ mi á lọ, á sì bọ̀." Kí wọ́n tó kírun ìṣáà, gbogbo agboolé ti ń kí i kú oríire.

Lẹ́yìn ọjọ́ kẹsàn-án ni ti Japan wọlé. Owó ìjọba ibẹ̀ ni, MEXT, sí yunifásítì kan ní erékùṣù Kyushu, nítòsí Arita, ìlú tí wọ́n ti ń sun tánganran láti nǹkan bí 400 ọdún. Bí iná ṣe ń sọ amọ̀ di nǹkan mìíràn lòun fẹ́ lọ kọ́. Ọdún méjì ni, ó sì lè di mẹ́ta, pẹ̀lú èdè tí kò gbọ́ rí. Kò sọ èyí fún ẹnì kankan.

Kò sí ohun tó ṣe Leeds. Ọdún kẹta tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì ní Tanke rèé, gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń kọ̀wé sí England, lòun náà bá kọ. Àmọ́ òru ló kọ ti Japan, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀ nígbà tó kọ ọ́ tán. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyá ìyá òun ń mọ ìkòkò ní Dàda, àti pé nínú ìkòkò mẹ́wàá tó bá wọná, méjì tàbí mẹ́ta á sán, ẹnikẹ́ni ò sì lè sọ ìdí rẹ̀.

Ó gba Dàda lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Iná àná ti tutù. Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí láàárín eérú, ó ń fi oríkèé ìka kan àwọn ìkòkò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí. Èyí tó dára á dún gbọnrangandan. Ìkẹfà dún kẹ̀, bí igi gbígbẹ. Ó gbé e sọ́tọ̀ láìwò ó.

"Àjọkẹ́, wọ́n ní ò ń lọ London."

Mọ́ríámọ̀ kúnlẹ̀, ó sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, títí dórí ti Japan.

"Èwo lọkàn rẹ fẹ́?"

"Japan ni, Ìyá. Àmọ́ ó jìnnà. Láti England, bí wọ́n bá pè mí, bíi wákàtí mẹ́fà nínú bàálù, mo ti dé Èkó."

"O dé wá ṣe kí ni?"

Kò lè dáhùn. Ọwọ́ ìyá náà ló ń wò, bí eérú ṣe kún inú gbogbo ìlà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Tí mo bá kú láàárọ̀, wọn ò ní jẹ́ kó dalẹ́ kí wọ́n tó sin mí. Ẹni tó wà l'Ékòó gan-an lè má bá wọn da yẹ̀pẹ̀. Kí lo wá fẹ́ fi wákàtí mẹ́fà ṣe?" Ó na ìkòkò tó sán náà sí i. "Ìyá mi ní afẹ́fẹ́ ni. Ìyá ọkọ mi ní ojú ayé ni. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yìí ni mo ti ń bi amọ̀ léèrè. Bí wọ́n bá sọ ọ́ fún ẹ lọ́hùn-ún, má dúró dìgbà tó o bá dé. Pè mí."

"Aago wọn fi wákàtí mẹ́jọ ṣíwájú tiwa, Ìyá. Tí ẹ bá ń kírun àsùbáà, ọ̀sán ti pọ́n lọ́dọ̀ mi."

"Ìgbà yẹn gan-an ni kó o pè. Ara mi máa ń dá lásùbáà."

Ó gbé ìkòkò náà dání wálé. Ìyá rẹ̀ wà nídìí ààrò, ó ń dín mọ́sà, ó ń bi í láti òkèèrè bóyá ó ti ra báàgì tó máa gbé lọ. Mọ́ríámọ̀ gbé ìkòkò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ agbada kalẹ̀ ná."